Èlùbọ́ Tó Ń Rìn: Níbo Gan-an Ni Kòkòrò Inú Ìyẹ̀fun Ti Ń Wá?

Ní ọdún kan, mo ra láfún gbígbẹ lọ́jà Ojúwòyè ní Mushin, mo gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ ìlọ̀ ládùúgbò, mo kù ú dáadáa, mo sì dà á sínú ike ńlá kan tó ní ìdérí. Inú mi dùn. Mo ní ó tán, mi ò ní ra èlùbọ́ mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ṣí ike náà láti rokà, ni mo bá rí i tí ojú èlùbọ́ náà ń mì jẹ́jẹ́ bíi pé ó ń mí. Kòkòrò pupa kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Àwọ̀ èlùbọ́ tó funfun gbòò tẹ́lẹ̀ ti ń ṣú, òórùn kan sì ń jáde níbẹ̀ tó ń ta síni nímú.

Ìbéèrè tó gbé mi nínú nìyí: ike náà ní ìdérí, mo dé e pa. Kí ló ṣí i wọlé?

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ìdáhùn náà ni pé kò sí ohun tó wọlé. Inú èlùbọ́ náà ni wọ́n wà láti ọjọ́ tí mo ti gbé e délé. Lónìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé kòkòrò yìí láti ọjà dé ilé ẹ̀rọ, láti ilé ẹ̀rọ dé asẹ́, láti asẹ́ dé inú ike. Bí ẹ bá ti mọ ọ̀nà tó ń gbà, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti dá a dúró.

Kòkòrò méjì, ìwà wọn ò jọra

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé kòkòrò inú àgbàdo àti kòkòrò inú èlùbọ́ ohun kan náà ni. Rárá o. Ẹ mú ẹyọ kan lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ wò ó dáadáa.

Èyí tó máa ń wà nínú àgbàdo gbígbẹ ní ẹnu gígùn tó dà bí ọwọ́jà erin. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú ló ní, àmì mẹ́rin tó pọ́n díẹ̀ sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Abo rẹ̀ máa ń fi ẹnu yẹn gbẹ́ ihò kékeré sára hóró àgbàdo, á yé ẹyin kan sínú ihò náà, á wá fi nǹkan kan tó dà bí àtè dí i. Ẹ̀yin á wo hóró náà, ẹ ó ní kò ní àbùkù. Inú hóró yẹn ni ìdin á ti pa, á máa jẹ ibẹ̀ láti inú wá, títí á fi di kòkòrò tó dàgbà, tí á sì lu ihò jáde. Nínú ooru ilẹ̀ wa, gbogbo èyí kì í ju bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn yìí nílò nǹkan líle tí ọmọ rẹ̀ máa gbé inú rẹ̀. Hóró àgbàdo dára fún un, ègé láfún gbígbẹ náà dára fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lọ ọ́ di ìyẹ̀fun, ilé ti wó mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ìyẹ̀fun kì í ṣe ibi tó ti lè bímọ.

Ta wá ni èyí tó ń rìn nínú ike mi? Ẹlòmíì ni. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ẹnu gígùn, gígùn rẹ̀ ò ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní kòkòrò pupa. Òun ò lágbára tó láti lu hóró tó le tó sì dá ṣáṣá. Ìyẹ̀fun, èérún, àti hóró tí kòkòrò mìíràn ti lù ló ń jẹ. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó lọ àgbàdo yín lé ti àkọ́kọ́ kúrò nílé, ó sì tẹ́ ibùsùn fún ti èkejì.

Abo kòkòrò pupa lè yé ju 300 ẹyin lọ láyé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin rẹ̀ ò tó mílímítà kan ní gígùn, ó sì ń lẹ̀, débi pé ìyẹ̀fun á bo gbogbo ara rẹ̀. Ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀. Láti ẹyin di kòkòrò tó dàgbà, bí oṣù kan ni nínú ooru Èkó. Ẹ wá ṣírò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tèmi: àwọn ẹyin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti dàgbà, àwọn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Ẹnì kẹta kan tún wà tí mi ò lè ṣàì dárúkọ, torí láfún wa ló fẹ́ràn jù. Kòkòrò kan tó rí kuubu bí ègé igi kékeré ni. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àyíká rẹ̀ ni orírun rẹ̀, ó dé Tansaníà ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì dé Tógò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn àdánù gbágùúdá gbígbẹ ní Tansaníà, wọ́n rí i pé ju ìdajì rẹ̀ lọ ló di lẹ́búlẹ́bú láàárín oṣù mẹ́rin péré. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tiẹ̀ ní láti mú ọ̀tá rẹ̀, ìyẹn kòkòrò dúdú kan tó ń pa á jẹ, láti òkèèrè wá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1991 àti ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá gbé ègé láfún lọ́jà tí ìyẹ̀fun ń dà jáde lára rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni yẹn ló ti ń bá yín lọ̀ ọ́.

Lọ́jà: ẹ fi ọwọ́ àti etí rajà

Omi ni ohun àkọ́kọ́. Àgbàdo tó gbẹ tó láti tọ́jú kì í ní ju ìdá 13 omi lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò á tètè pọ̀, olú náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Olú inú àgbàdo burú ju kòkòrò lọ, torí àwọn kan nínú rẹ̀ ń ṣe májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kíkù ò lè yọ ọ́, iná ìdáná ò sì lè pa á tán. Àgbàdo tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú lára, tó sì ń rùn bí aṣọ tó wà nínú omi pẹ́, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀pọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ láìní ẹ̀rọ ìwọ̀n omi? Iyọ̀ máa bá yín ṣe é. Ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ nínú páànù tó gbẹ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ra mọ́, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wá ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ da àgbàdo sí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ẹ fi iyọ̀ náà bíi ṣíbí ńlá méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi àgbàdo yẹn ti ju ìdá 15 lọ, ẹ tún un sá. Bí iyọ̀ ò bá lẹ̀, ó kéré tán kò tó 15. Àyẹ̀wò yìí ò lè fi ìyàtọ̀ 13 àti 15 hàn yín. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú u pẹ́, ẹ sá a lọ́jọ́ kan sí i.

Fún láfún, ẹ ṣẹ́ ègé kan. Èyí tó gbẹ á dún pàá, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á sì dà bí ẹfun. Èyí tó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún yẹ ara rẹ̀ wò fún ihò kéékèèké.

Fún ti àgbàdo, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi. Hóró tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ máa ń léfòó, èyí tó dá ṣáṣá á rì. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá léfòó, kò burú. Bí ìdá mẹ́rin ẹ̀kúnwọ́ náà bá wà lójú omi, ẹ kí ìyá ọlọ́jà, kí ẹ máa lọ.

Nílé ẹ̀rọ: ta ló lọ tiẹ̀ ṣáájú yín?

Ibí ni mo ti jìn sí kòtò, ọ̀pọ̀ yín náà sì ti jìn sí i láìmọ̀.

Inú ẹ̀rọ ìlọ̀ tó wà káàkiri Mushin, Surulere àti Yaba, àwo irin méjì tó ní eyín ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yí. Hóró á bọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n á fọ́ ọ, ìyẹ̀fun á sì jáde létí. Ọwọ́ ìdè kan wà tí ẹlẹ́rọ máa ń lọ́ láti sún àwọn àwo náà mọ́ra. Bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ra sí ni ìyẹ̀fun ṣe ń kúnná sí.

Ẹ̀rọ yẹn kì í tú gbogbo ohun tó bá gbé mì sílẹ̀. Ìyẹ̀fun máa ń kù sí igun rẹ̀, sábẹ́ ẹnu rẹ̀, àti lára aṣọ tí wọ́n so mọ́ ẹnu ibi tó ti ń tú jáde. Ẹ̀rí rẹ̀ kò le rí. Bí ẹni tó ṣáájú yín bá lọ èlùbọ́ iṣu, ẹ wo abọ́ àkọ́kọ́ láfún yín, ẹ ó rí i pé ó ṣú díẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Èlùbọ́ ẹlòmíì lẹ gbé lọ sílé. Bí ìyẹ̀fun tó kù yẹn bá ti pẹ́ níbẹ̀, tí kòkòrò pupa sì ti yé sí i, ẹ gbé ẹyin náà lọ sílé.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ò ná mi ní owó púpọ̀. Mo máa ń lọ láàárọ̀, mo sì máa ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bá mi gbo aṣọ ẹnu ẹ̀rọ yìí dànù, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀ kí ẹ tó dáná sí i.” Lẹ́yìn náà, mo máa ń fún wọn ní agolo kan nínú àgbàdo tàbí láfún mi pé kí wọ́n fi kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ. Èyí tó bá jáde níbẹ̀, mi ò ní dà á mọ́ tèmi. Ẹni tó ń sin adìyẹ ládùúgbò ló máa ń gbà á.

Nǹkan méjì ló tún kù nílé ẹ̀rọ. Èkíní ni ooru. Bí àwọn àwo yẹn bá fún mọ́ra jù, ìyẹ̀fun á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ò fi ní lè pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá di ìyẹ̀fun gbígbóná sínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èéfín omi á dì sára ọ̀rá nígbà tó bá ń tutù, etí ìyẹ̀fun á rin, ibẹ̀ ni olú á sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé e délé nínú àpò aṣọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí nǹkan tó mọ́ nínú ilé títí á fi tutù pátápátá, kí ẹ tó dì í.

Èkejì ni irin. Àwo irin ń jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ń yí lásán láìsí hóró láàárín wọn. Ẹ fi ọ̀rá tín-ínrín wé òòfà kan, ẹ fi rọra ro inú ìyẹ̀fun yín káàkiri, kí ẹ wá wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, lẹ́búlẹ́bú dúdú bíi irun ológbò ló bo òòfà mi. Ẹ ṣe é títí òòfà á fi jáde ní mímọ́. Bí irin náà bá pọ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ, àwo ẹ̀rọ yẹn ti gbó, ẹ wá ẹlẹ́rọ mìíràn.

Asẹ́: ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń ku èlùbọ́ láyé ọjọ́un. Asẹ́ olójú wáyà tàbí asẹ́ aláṣọ ló pọ̀ ní Tejúoṣó lónìí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń yọ èèpo àti kókó tí kò lọ̀ dáadáa, ó sì ń yọ kòkòrò tó ti dàgbà àti ìdin tó ti tóbi.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ẹyin yẹn ṣe kéré tó. Bí ojú asẹ́ yín bá fẹ̀ tó ìdajì mílímítà, ẹyin àti ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìyẹ̀fun bí ẹni pé àbúrò ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ku èlùbọ́ lónìí, kó mọ́ lóló, kó sì tún máa rìn lẹ́yìn oṣù kan. Asẹ́ ń mú ohun tí ojú rí kúrò. Ohun tí ojú ò rí ń bẹ níbẹ̀.

Fún àgbàdo, kíkù tún ní èrè mìíràn. Èèpo àti ojú àgbàdo, ìyẹn ibi tí ọ̀mùnú ti ń yọ, ló ní ọ̀rá inú rẹ̀ jù. Bí ẹlẹ́rọ bá kọ́kọ́ bó èèpo àti ojú náà kúrò kó tó lọ ọ́, ìyẹ̀fun á pẹ́ kó tó yí adùn padà.

Èérún tó kù lójú asẹ́, ẹ má dà á sínú garawa ìdọ̀tí inú ilé ìdáná. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó, kí ẹ gbé e síta lọ́jọ́ náà. Kòkòrò pupa ń fò, ó sì ń rákò. Bó bá jáde lára garawa, inú ike yín ló máa padà sí.

Jéró ń korò kí kòkòrò tó dé

Bí ẹ bá ra jéró lọ́wọ́ àwọn ará òkè ọya láti fi ṣe kúnú tàbí fúrá, ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rá inú jéró pọ̀ ju ti láfún lọ fíìfíì. Láfún ò ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àgbàdo ní bí mẹ́rin, jéró sì lè ju márùn-ún lọ. Nígbà tí hóró ṣì wà lódidi, ọ̀rá náà àti énsáìmù tó ń tú u wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ ló ń pò wọ́n pọ̀. Láti wákàtí yẹn ni ọ̀rá ti ń tú di ásíìdì, afẹ́fẹ́ náà ń ràn án lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ooru Èkó, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹnu á sì gbọ́ ìkorò rẹ̀.

Nítorí náà, láfún ni ẹ lè lọ ti oṣù mẹ́ta. Àgbàdo tó ṣì ní ojú, ẹ má lọ ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Jéró, ti ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ lọ, kí ẹ tọ́jú ìyókù ní hóró.

Ẹ pa ẹyin náà kó tó di kòkòrò

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹyin á wà níbẹ̀, asẹ́ ò rí i. Báwo la ṣe máa ṣe é? Ọ̀nà méjì ló dá mi lójú.

Ọ̀nà kìíní ni òtútù. Bí ìyẹ̀fun bá wà nínú fírísà tó dì dáadáa, ìyẹn bíi dígíríì 18 sísàlẹ̀ òdo, fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹyin, ìdin àti kòkòrò á kú. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kì í jẹ́ kí òtútù tètè wọ inú, ó dà bí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé àpò ńlá sínú fírísà. Ẹ pín in sí ọ̀rá kílò kan kílò kan, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ tí nǹkan inú fírísà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ tún kíkà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá sì gbé e jáde, ẹ má ṣí ọ̀rá náà títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi inú afẹ́fẹ́ á dì sórí ìyẹ̀fun.

Ọ̀nà kejì ò nílò iná. Kòkòrò ń mí. Bí ẹ bá dì wọ́n mọ́ inú nǹkan tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, wọ́n á lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán, wọ́n á dẹ́kun jíjẹ, wọn ò ní lè yé mọ́, wọ́n á sì kú díẹ̀díẹ̀. Lórí ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pọ́díù ti Amẹ́ríkà ti ṣe iṣẹ́ yìí di àpò alápò mẹ́ta ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá nípọn méjì nínú, àpò híhun kan lóde. PICS ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tà á ní Nàìjíríà.

Nínú ilé, ike tó ní rọ́bà létí ìdérí lè ṣe é, ṣùgbọ́n òfin kan wà: ó gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu. Ìdajì ike tó ṣófo, ìdajì ike afẹ́fẹ́ ni fún kòkòrò. Bí ẹ bá sì ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu èlùbọ́, ẹ ń fún wọn ní ọ́síjìn tuntun lójoojúmọ́ nìyẹn. Ike kékeré púpọ̀ sàn ju ike ńlá kan lọ.

Ata gbígbẹ àti ewé tí àwọn kan máa ń jù sínú èlùbọ́ ńkọ́? Òórùn wọn lè lé kòkòrò kan sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin tó wà nínú ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀ ò ní imú.

Ẹ má fi Sìnáípà sí i, ẹ jọ̀ọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń wọ́n ọn sí ẹ̀wà àti èlùbọ́. Dáíkílófọ́ọ̀sì ni oògùn inú rẹ̀. Bó ṣe ń dá iṣan kòkòrò dúró náà ló ṣe ń dá ti èèyàn dúró. Atẹ́gùn rẹ̀ ń wọ inú ìyẹ̀fun, kò sí asẹ́ tó lè yọ ọ́. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, títí kan ti 100 mílílítà, nítorí jàǹbá tó ń ṣe. Ọjà tí kò bá ní kòkòrò kankan lára tó sì ń rùn bí oògùn, ẹ sá fún un. Èlùbọ́ tí kòkòrò ti bà jẹ́, owó lẹ pàdánù. Èyí tó ní oògùn lára lè gbẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká ní ẹ fẹ́ ní láfún kílò mẹ́fà nílé ní Surulere lóṣù kẹfà, nígbà òjò.

Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ra bíi kílò méje. Ìyókù á lọ sí fífọ ẹ̀rọ àti èérún. Ẹ ṣẹ́ ègé márùn-ún tàbí mẹ́fà káàkiri àpò náà, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ wo ihò. Bí oòrùn bá wà, ẹ sá a lọ́jọ́ Àìkú lórí ọ̀rá tó mọ́, kì í ṣe létí títì. Kòkòrò tó ti dàgbà ò fẹ́ràn oòrùn, ẹ ó rí i tí wọ́n ń sá jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ lọ sílé ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n gbá a, ẹ fi agolo kan fọ ẹ̀rọ, ẹ lọ ìyókù. Nígbà tẹ́ ẹ délé, ẹ tẹ́ ẹ kó tutù, ẹ fi òòfà ro ó, kí ẹ sì kù ú. Ẹ dì í sí ọ̀rá kílò kan mẹ́fà, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú wọn jáde.

Bí fírísà bá wà, ẹ kó méjì méjì sínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin fún méjì, ọjọ́ méjìlá fún gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sínú ike tẹ́ ẹ ti fọ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná tẹ́ ẹ sì ti jẹ́ kó gbẹ kanranjángbọ́n, pàápàá kòtò etí ìdérí rẹ̀. Èérún àtijọ́ tó wà níbẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ ìdílé tuntun. Ẹ má sì da èlùbọ́ tuntun lé àtijọ́ lórí láéláé. Ọ̀rá kan ni kí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan, bó bá tán, ẹ ṣí òmíràn.

Ẹ fi bírò kọ déètì sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ márùndínlógójì, ẹ bu ṣíbí mẹ́ta sórí ìwé funfun, ẹ tẹ́ ẹ kó dán bí ojú omi, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ohunkóhun bá wà láàyè níbẹ̀, ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ìyẹ̀fun, bí ipa kẹ̀kẹ́ lórí iyanrìn. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan méjì, tí àwọ̀ àti òórùn ò tíì yí padà, ẹ kù ú, ẹ dá a padà sí fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣú tàbí pọ́n díẹ̀, tó sì ń ta síni nímú bíi tèmi ọjọ́ kìíní, oje tí kòkòrò pupa ń tú jáde lára ló ti wọ inú rẹ̀. Kíkù ò lè mú un kúrò. Ẹ dà á nù.

Èmi da tèmi nù lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti ń fọ ẹ̀rọ kí wọ́n tó lọ tèmi, tí mo sì ń kó o sínú òtútù kó tó wọ ike, tí mo bá ṣí ọ̀rá, èlùbọ́ ń dúró jẹ́ẹ́ síbi tí mo gbé e sí.